Ìpíndọ́gba Máàkì nínú Àwọn Iṣẹ́ tí ó Kù: Ìṣirò Kírẹ́díìtì Mẹ́rin fún Ìgbàwọlé sí Ẹ̀kọ́ NCE

Ìfáárà

Nínú ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dé lẹ́yìn tí èsì ìdánwò WAEC bá ti jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ti rí kírẹ́díìtì méjì tàbí mẹ́ta, ó sì ń fẹ́ jókòó lẹ́ẹ̀kejì láti wá èyí tí ó kù. Òun tàbí òbí rẹ̀ yóò wá bi olùkọ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mélòó ni ó yẹ kó máa gbà nínú àwọn iṣẹ́ tí ó kù?" Ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá kíákíá ni pé kí ọmọ náà rí i pé ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí 50. Ìdáhùn yìí dùn létí, ó sì rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 50 géérégé lè pàdánù ìgbàwọlé, kí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 41 sì wọlé.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, ó sì fi olùṣèdánwò kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ NCE ni ó dá lé lórí, nítorí pé òun ni ọ̀nà tí púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbà wọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá kírẹ́díìtì márùn-ún fún oyè Yunifásítì lè lo ọ̀nà kan náà. Nọ́ńbà nìkan ni yóò yí padà.

Ohun tí òfin ìgbàwọlé béèrè

Ní oṣù Ọ̀wàwà (October) ọdún 2025, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ kéde ìlànà tuntun fún ìgbàwọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Fún NCE, ohun tí wọ́n béèrè kò gbọdọ̀ dín sí kírẹ́díìtì mẹ́rin nínú àwọn iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ náà mu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́-ọnà àti ìmọ̀ àwùjọ; Matimátíìkì sì pọn dandan fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́-ọwọ́ tàbí ìmọ̀-ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí olùdámọ̀ràn fọwọ́ mú nínú ìlànà yìí. Àkọ́kọ́ ni mẹ́rin, tí ó jẹ́ iye. Èkejì ni iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ mu, nítorí pé kírẹ́díìtì tí kò sí nínú àwọn tí ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB kà sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà kò wọ inú mẹ́rin yẹn, bí ó ti wù kí ó ga tó. Ẹ̀kẹta ni dandan. Iṣẹ́ tí ó pọn dandan kò ní arọ́pò. A1 nínú iṣẹ́ mẹ́jọ mìíràn kò lè dúró fún un. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí gan-an ni ìpíndọ́gba kì í rí rárá.

Ní ti gíréèdì, àtẹ tí àwọn ilé-ìwé fi ń ṣírò mọ̀ káàkiri: A1 bẹ̀rẹ̀ láti 75, B2 láti 70, B3 láti 65, C4 láti 60, C5 láti 55, C6 láti 50, D7 láti 45, E8 láti 40, ohun tí ó bá sì rẹlẹ̀ sí 40 jẹ́ F9. Kírẹ́díìtì parí sí C6. D7 àti E8 jẹ́ ìyege lásán, wọn kì í ṣe kírẹ́díìtì. Ṣùgbọ́n gíréèdì nìkan ni WAEC ń kọ sínú ìwé ẹ̀rí, kì í kọ máàkì. Nítorí náà, máàkì tí wọ́n ń lò nínú ìṣirò irú èyí kì í ṣe máàkì WAEC. Máàkì ìdánrawò tí olùkọ́ fi lélẹ̀ ni. Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ fi 50 ṣe ibi-àfojúsùn bí ẹni pé ó jẹ́ ilẹ̀ líle. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá.

Ìdí tí ìpíndọ́gba fi ń tan ni jẹ

Ìpíndọ́gba jẹ́ àròpọ̀ gbogbo máàkì tí a pín sí ọgbọọgba lórí iye iṣẹ́. Nínú ìṣirò rẹ̀, máàkì tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kan ń ran iṣẹ́ tí ó kéré lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n tí ó bá àbúrò san owó ilé-ìwé. Kírẹ́díìtì kò mọ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tí ó bá dé ẹnu-ọ̀nà náà wọlé, ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ dúró síta, àṣẹ́kù máàkì kò sì ṣeé gbé láti ẹnu-ọ̀nà kan lọ sí òmíràn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, kí ènìyàn wo Olùṣèdánwò Kìíní, ẹni tí ó fẹ́ kọ́ Yorùbá ní NCE. Ní ìjókòó rẹ̀ àkọ́kọ́ ó ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ. Ó gba B3 nínú Yorùbá àti C5 nínú Ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀sìn Kírísítì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ D7, Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ D7, Ètò Ìjọba jẹ́ E8, Ètò Ọrọ̀-Ajé jẹ́ F9. Matimátíìkì àti Ẹ̀kọ́ nípa Ohun Abẹ̀mí kò tó kírẹ́díìtì. Ó forúkọ sílẹ̀ fún ìjókòó kejì nínú iṣẹ́ mẹ́rin: Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀, Ètò Ìjọba àti Ètò Ọrọ̀-Ajé. Kí a gbà pé gbogbo wọn bá ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ mu. Ó ku kírẹ́díìtì méjì kí mẹ́rin pé, ọ̀kan nínú méjì náà sì gbọdọ̀ jẹ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ìdánrawò tí ó ṣe kẹ́yìn, ó gba 44 nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 58 nínú Lítíréṣọ̀, 61 nínú Ètò Ìjọba àti 37 nínú Ètò Ọrọ̀-Ajé. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 200. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, 50 ni. Olùkọ́ tí ó bá fi ìpíndọ́gba ṣe òdiwọ̀n yóò sọ pé ọmọ yìí ti dé ibi tí ó ń lọ. Iye kírẹ́díìtì rẹ̀ sì pé mẹ́rin lóòótọ́: Yorùbá, Ẹ̀sìn Kírísítì, Lítíréṣọ̀ àti Ètò Ìjọba. Síbẹ̀ kò ní wọlé, nítorí pé Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sí láàárín wọn. Máàkì 8 tí ó ṣẹ́kù lórí 50 nínú Lítíréṣọ̀ àti 11 tí ó ṣẹ́kù nínú Ètò Ìjọba jẹ́ 19 lápapọ̀, wọ́n sì ju 6 tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi dín lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún un.

Kí a wá fi Olùṣèdánwò Kejì wé e, ẹni tí èsì ìjókòó rẹ̀ àkọ́kọ́ rí bákan náà. Tirẹ̀ jẹ́ 49, 49, 49 àti 53. Àròpọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ 200, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 50, kírẹ́díìtì kan ṣoṣo ni ó sì ní. Olùṣèdánwò Kẹta gba 52 nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 54 nínú Lítíréṣọ̀, 33 nínú Ètò Ìjọba àti 25 nínú Ètò Ọrọ̀-Ajé. Àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 164, ìpíndọ́gba jẹ́ 41. Òun nìkan ni ó wọlé nínú àwọn mẹ́ta.

Ìpíndọ́gba mélòó ni ó dáni lójú?

Olùkọ́ Matimátíìkì lè béèrè pé, ṣé kò wá sí ìpíndọ́gba kankan tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé? Ó wà, ṣùgbọ́n ó ga ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀nà láti rí i ni pé kí ènìyàn ro bí èsì ṣe lè burú tó nígbà tí àròpọ̀ máàkì ṣì ga. Èsì máa ń burú jù bẹ́ẹ̀ nígbà tí olùṣèdánwò bá kó máàkì jọ sínú iṣẹ́ díẹ̀, tí ó sì kùnà nínú àwọn yòókù pẹ̀lú máàkì kan péré.

Tí iṣẹ́ mẹ́rin bá kù, tí ó sì nílò kírẹ́díìtì méjì, èsì tí ó burú jù tí àròpọ̀ rẹ̀ ga jù ni kí ó gba 100 nínú iṣẹ́ kan, kí ó sì gba 49 nínú mẹ́ta. Àròpọ̀ yẹn jẹ́ 247, kírẹ́díìtì kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú rẹ̀. Kò sí bí àròpọ̀ ṣe lè ju 247 lọ kí kírẹ́díìtì má pé méjì. Nítorí náà 248, èyí tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 62, ni ibi tí ọkàn ti lè balẹ̀. Tí K bá dúró fún iye iṣẹ́ tí ó kù, tí N sì dúró fún iye kírẹ́díìtì tí ó ṣẹ́kù láti wá, àròpọ̀ tí ènìyàn gbọdọ̀ kọjá ni:

(N − 1) × 100 + (K − N + 1) × 49

Ẹni tí ó bá fi N = 1 sínú rẹ̀ fún iṣẹ́ mẹ́rin yóò rí 196. Àròpọ̀ 197 ti tó, ìpíndọ́gba rẹ̀ kò sì tó 50. Èyí fi hàn pé ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó jẹ́ òtítọ́ fún ẹni tí ó ku kírẹ́díìtì kan péré, nínú iṣẹ́ èyíkéyìí. Ibẹ̀ ni ó jọ pé ó ti wá, kí ó tó di ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Tí N bá jẹ́ 3, àròpọ̀ tí ó tó di 299, ìpíndọ́gba sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 75. Fún iṣẹ́ tí ó pọn dandan, ọ̀rọ̀ tún le sí i: kí ìpíndọ́gba iṣẹ́ mẹ́rin tó lè fi dá ni lójú pé Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín wọn, ó gbọ́dọ̀ tó 87.5, nítorí pé ènìyàn lè gba 100 nínú mẹ́ta yòókù kí ó sì gba 49 nínú rẹ̀. Ta ni ó ń gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ tí ó ṣì ń wá kírẹ́díìtì?

Ní ìdà kejì, ìpíndọ́gba tí ó kéré jù tí kírẹ́díìtì méjì fi ṣeé ṣe ni 25, ìyẹn 50 nínú iṣẹ́ méjì àti òdo nínú méjì. Láti 25 títí dé nǹkan bí 61, ìpíndọ́gba kò lè sọ bóyá olùṣèdánwò yóò wọlé tàbí kò ní wọlé. Inú àlàfo yìí sì ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jókòó lẹ́ẹ̀kejì wà.

Ìṣirò tí ó yẹ: kíka àlàfo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Dípò kí olùdámọ̀ràn ro gbogbo máàkì pọ̀, kí ó ka àlàfo tí ó wà láàárín máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹnu-ọ̀nà kírẹ́díìtì. Iṣẹ́ tí ó pọn dandan ni yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, láìka bí àlàfo rẹ̀ ti gùn tó. Lẹ́yìn náà ni yóò to àwọn yòókù láti orí èyí tí ó sún mọ́ ẹnu-ọ̀nà jù, yóò sì mú iye tí ó kù láti orí àtẹ náà. Fún Olùṣèdánwò Kìíní, Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú pẹ̀lú àlàfo 6. Ó ku ọ̀kan. Ètò Ìjọba ti ré kọjá ẹnu-ọ̀nà pẹ̀lú 11, ìyẹn sì mú mẹ́rin pé. Lítíréṣọ̀, tí ó ré kọjá pẹ̀lú 8, jẹ́ ààbò bí Ètò Ìjọba bá já a kulẹ̀. Ètò Ọrọ̀-Ajé dín 13. Kò sí ohun tí ó ń ṣe nínú ìṣirò náà. Wákàtí tí olùṣèdánwò yìí bá lò lórí Ètò Ọrọ̀-Ajé kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lè gbé pẹ́ẹ́lí sókè, ara Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti yọ ọ́.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ 50 tí kì í ṣe ilẹ̀ líle padà wá. Ìdánrawò mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ṣe nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì: 41, 47 àti 44. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 44. (Níbí ìpíndọ́gba wúlò, nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.) Ọjọ́ tí kò dára jù lọ fún un fi 3 rẹlẹ̀ sí 44. Tí ọjọ́ ìdánwò gan-an bá wá bọ́ sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Kí ọjọ́ burúkú rẹ̀ tó lè jẹ́ 50, ọjọ́ gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 53.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọwọ́ olùkọ́ tí ó máàkì ìwé náà. Olùkọ́ tí ó mọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń lóye ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ, ó sì lè fún un ní máàkì lórí ohun tí kò kọ. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti mọ èyí ni kí wọ́n bo orúkọ orí ìwé náà, kí wọ́n sì fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn láti máàkì rẹ̀ láìjẹ́ kí ó rí máàkì àkọ́kọ́. Ká ní olùkọ́ tirẹ̀ fún un ní 38 nínú 100 lórí Pépà Kejì, tí olùkọ́ kejì sì fún un ní 34, máàkì 4 nínú àpapọ̀ 170 tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀. Nítorí náà, lójú olùkọ́ tirẹ̀, 55 ni kí ọmọ yìí máa lépa. Àlàfo tòótọ́ kì í ṣe 6 mọ́. Ó ti di 11.

Ìpíndọ́gba láàárín àwọn pépà

Ibòmíràn wà tí ìpíndọ́gba ti ń fa àṣìṣe, èyí sì máa ń pa àwọn olùkọ́ fúnra wọn lára. Gẹ́gẹ́ bí sílábọ́ọ̀sì WAEC ṣe fi hàn, Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní pépà mẹ́ta. Pépà Kìíní jẹ́ ìbéèrè 80 tí ènìyàn yóò yan ìdáhùn wọn, ó sì ní máàkì 40. Pépà Kejì ní máàkì 100: àròkọ ní 50, àkàyé ní 20, ìsọníṣókí ní 30. Pépà Kẹta, tí ó dá lórí ìró èdè, ní ìbéèrè 60 àti máàkì 30. Àpapọ̀ jẹ́ 170.

Nínú ìdánrawò kẹta, Olùṣèdánwò Kìíní gba 22 nínú 40, 38 nínú 100 àti 15 nínú 30. Bí olùkọ́ bá sọ wọ́n di ìdá ọgọ́rùn-ún, 55, 38 àti 50 ni yóò rí. Tí ó bá ro àwọn wọ̀nyí pọ̀ tí ó sì pín wọn sí mẹ́ta, yóò rí 47.7, yóò sì rò pé ọmọ náà fi díẹ̀ báyìí dín sí kírẹ́díìtì. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ máàkì gangan jẹ́ 75 nínú 170, èyí tí í ṣe 44.1. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni pé Pépà Kejì, ibi tí ọmọ náà ti rẹ̀ jù, tóbi ju méjì yòókù lápapọ̀. Wọn kò ṣeé pín bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n.

Kí ó tó lè rí ìdá 55 nínú 170, ó nílò 93.5, ìyẹn 94. Ó ku 19 kí 75 tó di 94. Ibo ni 19 yóò ti wá? Pépà Kìíní lè mú 4 wá: máàkì ààbọ̀ ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìbéèrè 8 ni ó gbọ́dọ̀ gbà ní àfikún. Pépà Kẹta lè mú 3 wá pẹ̀lú ìbéèrè 6. Èyí fún un ní 26 àti 18, tí wọ́n jẹ́ 44. Ìyókù, ìyẹn 50 nínú 100, di ọ̀ranyàn fún Pépà Kejì. Ó gbọ́dọ̀ fi 12 kún 38.

Níbi àròkọ ni ìmọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń máàkì ti wúlò jù. Máàkì 50 náà pín sí mẹ́rin: kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò ìpín-afọ̀ ní 10, ìlò èdè ní 20, àìṣàṣìṣe nínú àkọtọ́ àti gírámà ní 10. Fún ti ìkẹyìn yìí, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń yọ máàkì ààbọ̀, títí 10 yóò fi tán. Ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe 20 ti pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe 35 kò pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpín yìí. Olùṣèdánwò Kìíní gba 6, 5, 7 àti òdo, ìyẹn 18. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 23. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó bá dín kù nínú wọn kò ní mú nǹkan kan wá fún un, èyí sì máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àtúnṣe tí òun ń ṣe kò ní èrè. Ṣùgbọ́n tí ó bá lè sọ 23 di 12, máàkì 4 ti wọlé láìfi èrò tuntun kankan kún àròkọ náà. Tí ètò àti ìlò èdè bá fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan lé e, àròkọ ti kúrò ní 18, ó ti di 24.

Àkàyé lè gòkè láti 11 sí 13. Nínú ìsọníṣókí, tí ó ti gba 9 nínú 30, ó nílò 13. Lọ́pọ̀ ìgbà, kókó mẹ́fà ni wọ́n máa ń béèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì 5, nítorí náà kókó kan tí ó bá tọ̀nà ní àfikún ti kọjá ohun tí ó ń wá. Ohun tí ó ń ba ìpín yìí jẹ́ fún àwọn olùṣèdánwò ni pé wọ́n máa ń da odidi gbólóhùn kọ láti inú àyọkà. Òdo ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń gbà, bí kókó náà tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ Pépà Kejì wá jẹ́ 24, 13 àti 13, ìyẹn 50. Èyí pẹ̀lú 26 àti 18 jẹ́ 94.

Tí ìjókòó kejì bá tún kùnà

Ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣi ìṣirò ṣe níbí, owó tí ó sì ń bá a lọ kì í ṣe kékeré. Ìjókòó méjì ni èyí tí ó pọ̀ jù tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń gbà pé kí ènìyàn so èsì wọn pọ̀. Ká ní Olùṣèdánwò Kìíní rí kírẹ́díìtì nínú Lítíréṣọ̀ àti Ètò Ìjọba ní ìjókòó kejì, ṣùgbọ́n tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì tún jẹ́ D7. Ó ti ní kírẹ́díìtì mẹ́rin lọ́wọ́. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ yóò rò pé Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kù, wọn yóò sì forúkọ sílẹ̀ fún ìjókòó kẹta lórí rẹ̀ nìkan.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjókòó kẹta bá wọlé, ọ̀kan nínú méjì ti tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá so ẹ̀kẹta mọ́ àkọ́kọ́, Yorùbá àti Ẹ̀sìn Kírísítì nìkan ni ó ní láti ẹ̀yìn wá. Bí ó bá so ó mọ́ èkejì, Lítíréṣọ̀ àti Ètò Ìjọba nìkan ni. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, méjì ni ó ní, méjì ni ó kù. N tí ó rò pé ó ti di 1 ti padà sí 2. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú iṣẹ́ mìíràn kan, ó kéré tán, ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìforúkọsílẹ̀ náà. Iṣẹ́ kejì yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní kírẹ́díìtì nínú ìjókòó tí yóò so ó mọ́. Bí ó bá tún mú Ètò Ìjọba, tí 61 rẹ̀ fi hàn pé ó dá a lójú, yóò so ó mọ́ ìjókòó àkọ́kọ́. Bí ó bá mú Yorùbá, tí ó ti gba B3 nínú rẹ̀, yóò so ó mọ́ ìjókòó kejì. Ẹni tí ó bá mú méjèèjì pẹ̀lú Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ara rẹ̀, bí ọ̀kan bá dí, òmíràn yóò wà.

NECO náà jẹ́ ìjókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe WAEC àti NECO ní ọdún kan náà ti lo ìjókòó méjì tí ó bá fi èsì méjèèjì wá ìgbàwọlé. Láti ọdún 2018 ni WAEC sì ti ní ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ fún àwọn aládàáni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìparí ọdún. Ìyẹn mú kí àǹfààní àtijókòó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sọ iye èsì tí ènìyàn lè so pọ̀ di mẹ́ta. Kí olùdámọ̀ràn tó gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ ìjókòó kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kí ó sì ka kírẹ́díìtì ní méjì-méjì ìlà. Ìlà méjì tí àpapọ̀ wọn kò bá lè pé mẹ́rin pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó pọn dandan, bí gbogbo nǹkan tilẹ̀ lọ dáadáa, fi hàn pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù náà kò tíì tó.